Àríwísí lórí Ẹ̀rọ Ayẹ̀wéwò fún Èdè Haúsá: Ojú Ìwòye láti Sábóńgàrí, Kánò

1.0 Ìfáàrà

Láti ìparí ọdún 2022 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ti gbé ChatGPT jáde ni ìbéèrè kan ti wọ inú iṣẹ́ olùkọ́ àti ti olóòtú ìwé: ta ló kọ ohun tó wà níwájú mi yìí, ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ? Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ mìíràn dáhùn ìbéèrè náà. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ tí ń hun ọ̀rọ̀ pọ̀ di ìwé ni a ń pè ní ẹ̀rọ akọ̀wé. Èyí tí a kọ́ láti yẹ ìwé wò kí ó sì sọ bóyá ènìyàn tàbí ẹ̀rọ ló kọ ọ́ ni a ń pè ní ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò. Ẹ̀rọ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọjọ́ orí wọn kì í sì í dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí sì ni ọ̀rọ̀ wá fi orí tì sí.

Nínú àwọn èdè ilẹ̀ Nàìjíríà, iṣẹ́ tó yẹ kí a kọ́kọ́ fojú sí ni èyí tí Babangida Sani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025 lórí èdè Haúsá. Idris Abdulmumin àti Shamsuddeen Hassan Muhammad wà lára àwọn ẹlẹgbẹ́ náà. Orúkọ àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ń tọpa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò fún èdè Haúsá. Nígbà tí wọ́n dán an wò, nínú gbogbo 100 ìwé tí ó wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣi ọ̀kan: 99.23 ni òǹkà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún èyí tó dára jù nínú àwọn tí wọ́n kọ́. Òǹkà yìí ga. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kí àwọn ilé-ìwé Kánò máa gbé àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ fún un ló kù.

Sábóńgàrí ni ibi tó dára jù láti fi òǹkà náà wọ̀n. Ní èdè Haúsá, ‘ìlú tuntun’ ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ìjọba amúnisìn ló dá àdúgbò náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1910 lẹ́yìn odi ìlú Kánò fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, Yorùbá sì wà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òpópónà kan fi ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní. (Àwọn ará Ìbàdàn tó mọ Sábó gẹ́gẹ́ bí àdúgbò Haúsá láàrin Yorùbá yóò rí i pé orúkọ kan náà ni, ojú odò ni a kàn yí padà.) Ọmọ tí wọ́n bí sí Sábóńgàrí ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Haúsá ní ọjà àti lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ ní ilé-ìwé. Haúsá rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́bí, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ àròkọ lédè Haúsá, tí olùkọ́ sì gbé e fún ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò, kí ni ìdájọ́ tí yóò jáde dúró lé lórí? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí ń tú palẹ̀.

2.0 Òkìtì méjì

Ohun tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò kò ju òkìtì ìwé méjì lọ. A ó kó ìwé tí ènìyàn kọ jọ sí apá kan, a ó kó èyí tí ẹ̀rọ kọ jọ sí apá kejì, a ó sì lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Sani lọ sí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ ìròyìn Haúsá méje, wọ́n kó ìròyìn níbẹ̀: òkìtì ènìyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àkọlé àwọn ìròyìn yẹn, wọ́n fún ẹ̀rọ akọ̀wé ti Google tí ń jẹ́ Gemini 2.0 Flash, wọ́n ní kí ó fi àkọlé kọ̀ọ̀kan kọ ìròyìn tirẹ̀: òkìtì ẹ̀rọ nìyẹn.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, ó sì yẹ kí a gbóríyìn fún un kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù. Nítorí pé àkọlé kan náà ló bí ìwé méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá lé kò yàtọ̀. Ká ní bọ́ọ̀lù ni òkìtì ènìyàn ń sọ, tí òkìtì ẹ̀rọ sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò ì bá kàn há orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sórí, a ì bá sì máa pe ìyẹn ní ìmọ̀. Ètò àkọlé kan fún ìwé méjì dí ihò ńlá yìí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n dán wò, gbogbo wọn ló ti ka ìwé púpọ̀ ní àwọn èdè Áfíríkà ṣáájú kí a tó gbé iṣẹ́ yìí fún wọn. Èyí tó gba ipò kìn-ín-ní, AfroXLMR, ti ka Haúsá, ó ti ka Yorùbá pẹ̀lú. Ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ Haúsá ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, bí ọmọ tó ti gbọ́ èdè láì tíì kọ́ gírámà. Ìdájọ́ kan ṣoṣo ló kù tí a fẹ́ kọ́ ọ. A ó gé ìwé sí wẹ́wẹ́, a ó sọ wẹ́wẹ́ náà di nọ́ńbà, ẹ̀rọ yóò lọ àwọn nọ́ńbà náà pọ̀ títí tí ẹyọ nọ́ńbà kan yóò fi jáde láàrin 0 àti 1. Bí ó bá súnmọ́ 1, ‘ẹ̀rọ ló kọ ọ́’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá súnmọ́ 0, ‘ènìyàn ni’. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ó ń méfò. Nígbàkígbà tí ó bá ṣì í, a ó wọn bí àṣìṣe náà ti pọ̀ tó, a ó sì yí àwọn ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà tí àṣìṣe yẹn ì bá fi kéré. A ó ṣe èyí lọ, ṣe é bọ̀, lórí gbogbo ìwé tó wà nínú òkìtì méjèèjì, títí tí àṣìṣe kò fi ní dín kù mọ́.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti bu díẹ̀ pamọ́ nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò ní rí èyí tí a pamọ́ nígbà ẹ̀kọ́. Òun ni ìdánwò. Láti inú ìwé tí a pamọ́ báyìí ni òǹkà 99.23 ti wá. Ìdánwò náà kò ní màgòmágó nínú, ṣùgbọ́n inú òkìtì kan náà ni ìdánwò àti ẹ̀kọ́ ti wá: ilé-iṣẹ́ ìròyìn méje kan náà, Gemini 2.0 Flash kan náà, irú àṣẹ kan náà tí wọ́n pa fún un. Ohun tí òǹkà náà sọ ni pé ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò mọ òkìtì méjì yìí yàtọ̀ síra. Kò sọ ohunkóhun nípa òkìtì kẹta.

Àpẹẹrẹ kan láti inú lítíréṣọ̀ Yorùbá lè mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìwé Fágúnwà, ó sì ka Ibú Olókun tí Ògúndélé kọ ní 1956, ìwé tó tọ ipasẹ̀ Fágúnwà. Bí a bá já ojú-ewé kan nínú ìwé àwọn méjèèjì fún un láì dárúkọ òǹkọ̀wé, ó lè má ṣì í rárá. Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mọ Fágúnwà yàtọ̀ sí gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e? Ẹ fún un ní Kórimále nínú Igbó Àdìmúlà tí Fátánmi kọ ní 1967. Àpótí méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di dandan kí ó ju ìwé náà sínú ọ̀kan, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú tó pọ̀, nítorí pé ìdánilójú rẹ̀ kò tí ì pàdé ohun tó lè mì í. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò. Kò sí bí ó ṣe lè sọ pé ‘èmi kò rí irú èyí rí’ àfi bí ẹni tó kọ́ ọ bá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti sọ bẹ́ẹ̀.

3.0 Kí ni ẹ̀rọ náà kọ́?

Kò sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò ohun tí yóò máa wò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìyàtọ̀, èyí tó bá rọrùn jù ni yóò sì dì mú. Ìyàtọ̀ tó rọrùn jù lè jẹ́ èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà oníkọ̀ọ́. Àkọtọ́ Haúsá ní ɓ, ɗ àti ƙ, tí wọ́n yàtọ̀ sí b, d àti k bí ọ̀ àti ẹ ti yàtọ̀ sí o àti e nínú Yorùbá. Ṣùgbọ́n nítorí àtẹ ìtẹ̀wé tí kò ní wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi kọ́ọ̀ sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn mìíràn kì í sì í fi sí i. Bí ẹ̀rọ akọ̀wé bá ń fi kọ́ọ̀ sí i nígbà gbogbo, tí díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ méje yẹn kì í sì í fi sí i, ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò lè gba ibẹ̀ yọ: kọ́ọ̀ wà, ẹ̀rọ ni, kò sí kọ́ọ̀, ènìyàn ni. Yóò gba máàkì gíga lórí ìwé tí a pamọ́, kò sì ní tíì kọ́ nǹkan kan nípa Haúsá. Ìwé tí olóòtú gbàgbé orúkọ oníròyìn tàbí ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni gígùn ìwé, bí ẹ̀rọ akọ̀wé bá ń dúró síbi kan náà nígbà gbogbo.

A kò lè mọ̀ láti inú 99.23 bóyá èyí ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò nira. Kí a sọ gbogbo ɓ di b, gbogbo ɗ di d, gbogbo ƙ di k nínú òkìtì méjèèjì, kí a gé gbogbo ìwé sí gígùn kan náà, kí a sì tún ẹ̀rọ náà dán wò. Bí òǹkà kò bá yẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó mọ̀ jinlẹ̀ ju kọ́ọ̀ lọ. Bí ó bá já wálẹ̀, a ti rí ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ fara pamọ́ sí. Fún Yorùbá, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ni ewu yìí yóò ti kọ́kọ́ yọjú, nítorí pé ìwé ìròyìn kan lè fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, kí òmíràn fi sí díẹ̀, kí ẹ̀kẹta má fi sí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò fún Yorùbá láì ro èyí, àmì ohùn ni yóò kọ́ ọ.

Ẹ wá wo ohun tí èyí lè mú bá akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Sábóńgàrí. Ọ̀kan fi fóònù tẹ àròkọ rẹ̀, kò fi kọ́ọ̀ sí i. Èkejì ní olùkọ́ tó le, tó kọ́ ọ láti má ṣe fi kọ́ọ̀ ṣeré. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ irú èyí tí a ṣàpèjúwe yìí, èkejì, tó kọ èdè náà bó ti yẹ, ni yóò bọ́ sínú àpótí ẹ̀rọ.

Kọ́ọ̀ nìkan kọ́. Òkìtì ènìyàn tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ jẹ́ òkìtì àwọn oníròyìn, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ Haúsá. Haúsá ní akọ àti abo nínú gírámà rẹ̀, Yorùbá kò ní i. Ẹni tó gbọ́ Haúsá dáadáa yóò sọ pé motar nan ta lalace, ‘ọkọ̀ yìí ti bàjẹ́’, nítorí pé abo ni mota. Ọmọ Yorùbá tó kọ́ Haúsá ní ọjà lè sọ pé motar nan ya lalace, kí ó sọ abo di akọ, kí ó má sì fura. Oníròyìn kì í sábàá ṣe irú àṣìṣe yìí, ó sì ṣòro kí ẹ̀rọ akọ̀wé òde òní máa ṣe é. Ìhà wo ni ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò yóò wá gbé e sí? Ẹni tó bá ń fi làákàyè dáhùn yóò sọ pé àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń tọ́ka sí ènìyàn. Ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò kò ní làákàyè yẹn. Kò rí i nínú òkìtì kankan, nítorí náà, àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú ìwé náà ni yóò fi ṣèdájọ́: gbólóhùn kéékèèké, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Irú ìwé báyìí ti kó sí wàhálà rí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2023, Weixin Liang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù gbé àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL fún ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò méje. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín ìdájọ́ àwọn ẹ̀rọ náà dọ́gba, ó lé ní 60 nínú 100 tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Méjìdínlógún nínú àròkọ náà ni ẹ̀rọ méjèèje fẹnu kò sí pé ènìyàn kò kọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ yìí kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣi àròkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sí i kún àròkọ TOEFL náà, ẹ̀sùn já wálẹ̀ sí bíi 12 nínú 100. Èyí ni pé ìgbà tí ẹ̀rọ ti fọwọ́ kan ìwé náà gan-an ni wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ ènìyàn.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí Liang dán wò ń gbé ìdájọ́ wọn lé bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn láti méfò. Ẹ̀rọ àwọn Sani sì jẹ́ èyí tó kọ́ ìdájọ́ láti inú òkìtì. Nítorí náà, iṣẹ́ Liang kò fi hàn pé ẹ̀rọ Haúsá yìí yóò ṣi ọmọ Sábóńgàrí. Ohun tó fi hàn ni ibi tó yẹ kí a wò, àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi síwájú ẹ̀rọ Haúsá náà.

4.0 Ìdí tí ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò fi ń tètè gbó

Ká tilẹ̀ ní gbogbo ohun tí a sọ lókè yìí kò sí, ìṣòro ọjọ́ orí ṣì wà. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá parí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò dúró. Ẹ̀rọ akọ̀wé kò dúró. Google ṣí Gemini 2.0 Flash sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kejì ọdún 2025. Àwọn Sani gbé iṣẹ́ wọn jáde ní oṣù kẹta. Ní oṣù kẹta yẹn náà ni Google gbé Gemini 2.5 àkọ́kọ́ jáde. Kò sí ẹ̀bi àwọn olùṣèwádìí nínú èyí. Wọ́n ṣiṣẹ́ kíákíá, ẹ̀rọ tó lòde nígbà náà ni wọ́n lò, síbẹ̀ kí inki tó gbẹ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ ayẹ̀wéwò ti di ẹ̀gbọ́n fún òmíràn.

Kí ló dé tí àbúrò fi ń sá mọ́ ẹ̀rọ tó dá ẹ̀gbọ́n mọ̀ lọ́wọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GPT-2 ní 2019 ló ṣàlàyé rẹ̀ jù, nítorí pé OpenAI kó àpẹẹrẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ akọ̀wé náà ní ìwọ̀n mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láti kékeré dé ńlá. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò kan tó rọrùn gan-an, tí kò ṣe ju kíka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọ̀rọ̀ méjì-méjì ń jẹ yọ. Lórí GPT-2 tó kéré jù, ó gbà á tó 88 nínú 100. Lórí èyí tó tóbi jù, 74 péré ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n tún ayẹ̀wéwò náà kọ́ lákọ̀tun fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. A kò fi ogbó ṣe é. Ẹ̀rọ akọ̀wé tó tóbi ló ti mọ bí ènìyàn ṣe ń pín ọ̀rọ̀ lò, tí àlàfo tí ayẹ̀wéwò ń wò fi ń kéré.

Ohun kejì tún hàn nínú àkójọ yẹn. Ẹ̀rọ akọ̀wé a máa yan ọ̀rọ̀ tó kàn láti inú ọ̀pọ̀ tó ṣeé ṣe. Bí a bá sọ fún un pé kí ó yan láàrin 40 tó súnmọ́ jù lọ nìkan, ìwé rẹ̀ a máa jọra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ayẹ̀wéwò tó rọrùn yẹn sì gbà á dé 93 lórí ẹ̀rọ ńlá tó fún un ní 74 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kan náà ni, kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀ bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà ní kí ó yan ọ̀rọ̀. Àwọn OpenAI tún ṣàkíyèsí pé ayẹ̀wéwò tó kọ́ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá lè dá iṣẹ́ ẹ̀rọ kékeré mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́ lórí kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ti ńlá mọ̀. Ẹ̀yìn ni ìmọ̀ rẹ̀ ń ríran sí. Ó lè dá ẹ̀rọ àná mọ̀, ẹ̀rọ ọ̀la ni kò lè dá mọ̀. Ẹ̀rọ ọ̀la sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé ‘àmì ẹ̀rọ’ wà nínú ìwé bí àmì ilà ṣe wà lójú ènìyàn. Ohun tí ayẹ̀wéwò mọ̀ ni ìwà ẹ̀rọ kan, pẹ̀lú àṣẹ kan, ní ọ̀nà kan tí a gbà ní kí ó yan ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ akọ̀wé sì ń fi ìdájọ́ ènìyàn tún ìwà náà ṣe láti ìgbà dé ìgbà: ọ̀rọ̀ tó ń pọ̀ jù ní àná ni wọ́n ń dín kù lónìí. Ọ̀rọ̀ tí ayẹ̀wéwò gbójú lé lè pòórá láàrin ọjọ́ kan.

OpenAI fúnra wọn rí èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò jáde fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà kọ́ láti inú ìwé ènìyàn àti ti ẹ̀rọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Sani. Wọ́n sọ òótọ́ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní: nínú 100 ìwé ẹ̀rọ, 26 ni ó ń mú, nínú 100 ìwé ènìyàn, 9 ni ó ń fẹ̀sùn kàn lásán. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n pa á tì nítorí pé kò péye tó. Kò tó oṣù mẹ́fà.

Ó yẹ kí a fi òǹkà méjì yìí ṣírò. Ká ní ilé-ìwé kan ní Sábóńgàrí gba àròkọ 500, tí 100 nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí 400 sì jẹ́ ti ènìyàn. Ayẹ̀wéwò tó bá ní ìwọ̀n ti OpenAI yóò mú 26 nínú 100 ti ẹ̀rọ. Nínú 400 ti ènìyàn, yóò fẹ̀sùn kan 36. Àpapọ̀ àwọn tí a pè jẹ́jọ́ jẹ́ 62, 36 nínú wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sùn náà. Olùkọ́ tó jókòó sí ìdájọ́ kò ní mọ àwọn wo ni. Ìyàtọ̀ wà láàrin 9 tí ó kéré létí àti 36 tí ó ní orúkọ, òbí àti èsì ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí ogbó tí àwọn ènìyàn kì í sábàá sọ. Òkìtì ènìyàn náà ń gbó. Ìwé Haúsá tí a kó lórí ayélujára lẹ́yìn ọdún 2022, ta ló mú un dá wa lójú pé ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀? Oníròyìn lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó fi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó ní kí ẹ̀rọ kọ apá kan. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wọ òkìtì ènìyàn, a ti fi ẹnu ara wa kọ́ ayẹ̀wéwò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ènìyàn. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún tí a ní láti tún ẹ̀kọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni rírí òkìtì mímọ́ yóò máa ṣòro sí i. Ìwé tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni èyí tó ti wà kí 2022 tó parí. Haúsá ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀: Gaskiya Ta Fi Kwabo ti wà láti 1939. Ṣùgbọ́n Haúsá ọdún wọ̀nyẹn kì í ṣe Haúsá ọmọ ilé-ìwé tòní, ayẹ̀wéwò tó bá kọ́ lórí rẹ̀ lè wá gba ọ̀rọ̀ àtijọ́ sí àmì ènìyàn. Ibi yòówù kí a yí sí, òkìtì kan ni a ó fi òmíràn rà.

5.0 Ìdánwò tí ó lè wáyé ní Sábóńgàrí

Iṣẹ́ àwọn Sani wúlò, kò sì sí ohun kan níbí tó sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Àléébù wà nínú bí ẹlòmíràn ṣe lè ka òǹkà rẹ̀. Ìdánwò kan wà tí kò ná ni lówó púpọ̀ tí olùkọ́ Haúsá ní Sábóńgàrí lè ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayẹ̀wéwò lé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí. Kí ó ní kí 200 ọmọ kọ àròkọ lédè Haúsá nínú kíláàsì, pẹ̀lú bírò, lójú òun, láì sí fóònù lọ́wọ́. Kí ó jẹ́ kí a tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ti wà, láì tún akọ àti abo ṣe, láì fi kọ́ọ̀ kún un, láì yọ ọ́. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀, ó rí i. Kí a wá gbé wọn fún ẹ̀rọ. Bí ó bá pe 20 ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, 10 nínú 100 ni ẹ̀sùn lásán ní Sábóńgàrí, ohun yòówù tí 99.23 bá sọ nípa ìwé ìròyìn. Bí ó bá pe ẹyọ kan, ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Kò nílò ìwé ẹ̀rọ kankan láti fi mọ èyí.

Fún ìhà kejì, kí ó kó orí-ọ̀rọ̀ àròkọ náà fún ẹ̀rọ akọ̀wé tuntun tó bá lòde, kí ó ka iye tí ayẹ̀wéwò mú, kí ó kọ orúkọ ẹ̀rọ akọ̀wé náà àti ọjọ́ sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, kí ó tún un ṣe pẹ̀lú èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkà méjì tó bá wà lórí ìwé yẹn yóò sọ bí ayẹ̀wéwò náà ti ń gbó tó, oṣù dé oṣù, lórí Haúsá àwọn ọmọ tí ó ń kọ́.